Ìwé Àpèjúwe Iṣẹ́ fún Máníjà Àkọ́kọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àga àti tábìlì là ń ṣe, àwa 14 la wà nílé iṣẹ́ wa. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo nǹkan ń já sí. Mo fẹ́ gba máníjà tí yóò máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́, a ò sì ní irú rẹ̀ rí. Kí ni kí n kọ sínú ìwé àpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé pélébé kan sápò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá wá bi yín sínú rẹ̀: ta ló wá, kí ló fẹ́, kí lẹ sọ fún un. Inú ìwé yẹn ni iṣẹ́ máníjà wà. Ẹni tó bá lọ da ti ilé iṣẹ́ ńlá kọ sábà máa ń gba ẹni tó mọ ìpàdé í pè, tí ìṣó yóò sì tán láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ká ní ìbéèrè 60 lẹ bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 25 dá lórí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa jáde, 15 lórí pákó tàbí ìṣó tó tán, 10 lórí òṣìṣẹ́ tí kò wá àti ẹni tí yóò dípò rẹ̀. 10 tó kù ni iye tí ẹ ó dá lé iṣẹ́ tuntun, àwòrán àga, àti ọ̀rọ̀ báńkì. 50 àkọ́kọ́ ni ti máníjà. Ẹ fi 10 yẹn sọ́wọ́ ara yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún fi ọjà títà àti ìṣirò owó kún un, ẹni mẹ́ta lẹ ń wá lára ẹnì kan.

Bẹ́ ẹ bá wá ń kọ ọ́, ẹ má kọ pé "yóò máa bójú tó ohun èlò". Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣe é? Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró nítorí pé pákó tàbí ìṣó tán. Nínú iṣẹ́ 10, ó kéré tán, 9 gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ tí a dá fún oníbàárà." Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kó tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló máa ń dojú rú jù. Mo bá ilé iṣẹ́ kan kọ irú ìwé yìí rí. A to ojúṣe máníjà síbẹ̀ kúnnákúnná, a ò kọ ohun tó lè pinnu láìbéèrè. Ó ní kí òṣìṣẹ́ kan tún iṣẹ́ ṣe, ìyẹn fóònù ọ̀gá, ọ̀gá ní kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, máníjà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo rìsíìtì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo iye tí ẹ sábà fi ń ra ohun èlò lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n owó tó lè ná láìbi yín. Ẹ kọ ọ́ bóyá ó lè yí ọjọ́ oníbàárà padà, àti bóyá ó lè lé òṣìṣẹ́ tàbí kó kàn mú ẹjọ́ wá.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ti darí èèyàn 10 sí 20 níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe nǹkan wúlò fún yín ju dìgírì lọ, lójú tèmi.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ kà. Ẹ bi í pé, "Bí pákó bá tán láàárọ̀ ọ̀la, ta lẹ máa pè?" Bó bá ṣì dárúkọ yín, ẹ tún un kọ.