“Tí” tó ń so gbólóhùn pọ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ̀wé lórí aṣọ ìpò ilé wa ní Bùnú. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbólóhùn mi kúrú jù, kí n fi ‘tí’ so wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é? ‘Aṣọ ìpò jẹ́ aṣọ pupa. Wọ́n ń hun ún ní Bùnú. Wọ́n máa ń lò ó níbi ìsìnkú àwọn olóyè. Ìyá bàbá mi ní ọ̀kan. Ó wà nínú àpótí rẹ̀.’”

Okun o. Kọ́kọ́ wá gbólóhùn tó gbé ìròyìn rẹ. Òun ni kò gbọdọ̀ kó sẹ́yìn “tí”, torí ohun tí a bá fi sẹ́yìn “tí” ń sọ irú èyí tí nǹkan jẹ́ ni. Ká ní àpótí yẹn jóná. “Àpótí tí ìyá bàbá mi kó aṣọ sí jóná” ròyìn iná fún wa. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ “Ìyá bàbá mi kó aṣọ sínú àpótí tó jóná,” ẹni tó ń kà á lè rò pé àpótí ti jóná kí ìyá tó kó aṣọ sí i.

Nínú tìrẹ, ohun tí aṣọ ìpò jẹ́ ni ìròyìn àkọ́kọ́. Gbólóhùn kejì àti ìkẹta kàn ń ṣàpèjúwe rẹ̀, nítorí náà àwọn la máa so:

“Aṣọ ìpò jẹ́ aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní Bùnú, tí wọ́n sì máa ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè.”

Ṣé o rí i pé “hun ún” ti di “hun,” “lò ó” náà ti di “lò”? Aṣọ ti ṣáájú “tí,” kò tún nílò arọ́pò lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. “Aṣọ tí wọ́n ń hun ún” ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń so gbólóhùn. Kà á sókè, etí rẹ á kọ̀ ọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹni tó ni nǹkan, “rẹ̀” kò gbọdọ̀ kúrò: “olóyè tí aṣọ rẹ̀ wà nílé wa.”

Ti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀. “Wọ́n ń hun aṣọ ní yàrá” á di “yàrá tí wọ́n ti ń hun aṣọ.” “Ní” lọ, “ti” olóhùn àárín wá dúró ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Fi àmì ohùn sí “tí” ìṣáájú kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra.

Gbólóhùn méjì ìkẹyìn ńkọ́? Èmi ò ní fi wọ́n kún ti òkè, torí “tí” mẹ́ta mẹ́rin léra wọn máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé ohun tí wọ́n ń ṣàpèjúwe. Jẹ́ kí wọ́n dá dúró báyìí: “Èyí tí ìyá bàbá mi ní wà nínú àpótí rẹ̀.”