Ewúrẹ́ mẹ́wàá kò tó láti sọ pé "kò sí ìyàtọ̀"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún oúnjẹ ewúrẹ́ mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́wàá mìíràn sì ń jẹ oúnjẹ àtẹ̀yìnwá. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo so wọ́n tí mo ń bọ́ wọn. Àwọn tó jẹ èèpo fi ìdajì kílò sanra ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n p, ìyẹn bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ báyìí tàbí èyí tó jù ú lọ ṣèèṣì wáyé bí èèpo kò bá ṣe nǹkan kan, jẹ́ 0.36. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ pé èèpo kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa fi ẹran kún un títí p yóò fi bọ́ sábẹ́ 0.05. Ti ta ni kí n gbọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀gá rẹ ń fà ọ́ lọ sínú àṣìṣe oríṣi kejì, ọ̀rẹ́ rẹ sì ń tì ọ́ sínú oríṣi kìn-ín-ní.

Oríṣi kìn-ín-ní ni kí èèpo má ṣe nǹkan kan fún ẹran, kí a sì kéde pé ó mú wọn sanra. Oríṣi kejì ni kí ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kí a sì ní kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí o fi 0.05 ṣe ààlà, ìwọ fúnra rẹ lo ti yan ewu àkọ́kọ́: bí èèpo kò bá wúlò rárá, nǹkan bí ìdánwò kan nínú ogún ni yóò tàn ọ́ jẹ. Ẹran mẹ́wàá ni o, igba ni o, ewu yẹn kò yí padà. Oríṣi kejì ni iye ẹran ń dín kù. Iye ìgbà, nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìdánwò yóò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ là ń pè ní agbára rẹ̀.

Mo ṣírò èsì rẹ padà. Bí ẹran kan ṣe ń yà sí èkejì nínú ọ̀wọ́ kan náà tó kílò 1.2. Ká ní èèpo ń fi kílò 0.6 kún ìwọ̀n wọn lóòótọ́. Pẹ̀lú mẹ́wàá ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tí o bá rí gbọ́dọ̀ tó kílò 1.13 kí p tó lè bọ́ sábẹ́ 0.05. Ìlọ́po méjì òtítọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn! Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà Odò-Ògbè: àìgbọ́ rẹ kò sọ pé kò sọ̀rọ̀. Tẹ èyí sínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò:

```
power.t.test(n = 10, delta = 0.6, sd = 1.2)
power.t.test(delta = 0.6, sd = 1.2, power = 0.8)
```

Ìlà àkọ́kọ́ yóò fún ọ ní agbára bíi 0.18. Ìyẹn ni pé nínú irú ìdánwò yìí ọgọ́rùn-ún, bíi méjìlélọ́gọ́rin ni kò ní rí ohun tó wà níwájú wọn. Ogún ẹran ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á gbé e dé 0.34, ogójì á gbé e dé 0.60. Ìlà kejì ní kí o ní 64 ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kí o tó dé 0.80. Bí ìyàtọ̀ tí o ń wá bá jẹ́ ìdajì èyí, kílò 0.3, iye ẹran yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Bí o bá ń fi ẹran kún un díẹ̀díẹ̀, tí o ń wo p ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí o sì dúró níbi tó bá ti dára, ewu oríṣi kìn-ín-ní ti kúrò ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti di bíi mẹ́rìnlá. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é láìmọ̀ pé ó lòdì. Kí ẹran tó dé ilé ni kí o ti pinnu iye rẹ̀. Má sì fi ìdajì kílò tí o rí yẹn ṣírò agbára lẹ́yìn ìdánwò. P ni yóò kàn tún sọ fún ọ lọ́nà mìíràn. Ìyàtọ̀ tó kéré jù tó lè wúlò fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ni kí o fi sídìí `delta`.

Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ 128 kọjá agbára àpò rẹ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa sábà máa ń bí ìbejì. Fún ọ̀kan nínú ìbejì ní èèpo, kí èkejì jẹ oúnjẹ àtẹ̀yìnwá, kí o sì jẹ́ kí kọ́ìnì yan èyí tí yóò jẹ èwo. Bí ìbáṣepọ̀ ìwọ̀n àwọn ìbejì bá tó 0.5, orí ìbejì 34, ìyẹn ẹran 68, ti tó fún agbára 0.80 kan náà. Bí wọn kò bá jọra tó bẹ́ẹ̀, èrè náà á dín kù, nítorí náà kọ́kọ́ fi ìwọ̀n àwọn ìbejì tó wà lọ́wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ìwé tó wà níwájú rẹ báyìí, kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ náà jẹ́ kílò 0.5, àti pé ó lè wà níbikíbi láti −0.6 sí 1.6. Bí ọ̀gá rẹ bá rí i pé kílò kan àbọ̀ èrè ṣì wà nínú àlàfo yẹn, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé "kò ṣiṣẹ́" kò sí lára ohun tí ẹran mẹ́wàá lè sọ.