Owó fọ́ọ̀mù N-400: ta ni wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, báwo lèèyàn sì ṣe ń fi hàn pé òun ò ní

Ìbéèrè: "Mo fẹ́ gba sítísìn Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n $760 ti N-400 pọ̀ jù fún mi. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ kan la jọ ń gbé. $2,900 ló ń wọlé fún mi lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo tún ń fowó ránṣẹ́ sílé fún ìtọ́jú màámi. Ṣé wọ́n máa ka màámi mọ́ wa? Kí ni mo lè fi hàn wọ́n?"

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run á bá wa wo màmá sàn. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ìnira o, torí ọ̀nà mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù I-912 fi sílẹ̀ fún ẹni tí ò fẹ́ sanwó rárá, ìnira ló sì ṣòro jù láti fi hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ̀yin, ọkọ yín tàbí ọmọ tẹ́ ẹ jọ ń gbé máa gba ìrànwọ́ tí ìjọba ń wo owó tó ń wọlé kí wọ́n tó fúnni, bíi Medicaid tàbí SNAP. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń fún yín, kí orúkọ ẹni tó ń gbà á, orúkọ ọ́fíìsì, irú ìrànwọ́ náà àti déètì tó fi hàn pé ó ṣì ń lọ lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Medicare ò sí lára ẹ̀ o, owó tí ìjọba ń fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ náà ò sí lára ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni owó tó ń wọlé sínú ilé, ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ti yín wà. Màmá ò sí nínú oǹkà torí kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé, ẹni mẹ́ta lẹ jẹ́, ẹ má kọ mẹ́rin. Nínú òṣùwọ̀n ìjọba ti ọdún 2025, ilé ẹni mẹ́ta ò gbọdọ̀ ju $39,975 lọ lọ́dún kí wọ́n tó lè má gbowó. $2,900 lóṣù jẹ́ $34,800 lọ́dún, ẹ wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, tí ọkọ yín ò bá gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ká ní ó ń gba $1,200 lóṣù lọ́wọ́ ìjọba nítorí iṣẹ́ tó bọ́, àpapọ̀ ti di $49,200, ọ̀nà yẹn ti dí. Síbẹ̀ ẹ ṣì lè san $380 dípò $760, torí ààlà tiẹ̀ fún ẹni mẹ́ta lọ́dún 2025 jẹ́ $106,600, inú N-400 fúnra ẹ̀ ní Apá 10 lẹ ti máa béèrè fún un, ẹ ò nílò I-912.

Ohun tó máa ń kó bá àwọn èèyàn níbí ni pé ìwé owó orí ọdún tó kọjá ṣì máa gbé owó iṣẹ́ ọkọ yín jáde, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rí owó ńlá á sì kọ̀ ọ́. Ẹ fi lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ fi dá a dúró sí i, kẹ́ ẹ fi ìwé owó oṣù tiyín tó jáde láìpẹ́ yìí tì í, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ló yí padà.

Tó bá wá jẹ́ pé $380 gan-an ò ṣeé san, ìgbà yẹn ni ìtọ́jú màmá wúlò, lábẹ́ ìnira. Ẹ ní kí ẹni tó wà nílé gba bíìlì àti rìsíìtì ọsibítù tó ní orúkọ màmá, déètì àti òǹtẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ tí ò ní orúkọ ọsibítù lókè. Ẹ to ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e kí déètì wọn bára mu, kẹ́ ẹ kọ iye náírà àti iye dọ́là rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Èyí tí kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ gbogbo ẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ ọ́n, pé ó pé, pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Wọ́n á béèrè ìnáwó oṣooṣù, owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ àti ohun ìní yín. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yẹn dọ́gba jọ̀ọ́. Tí $2,500 bá wọ ọwọ́ yín lẹ́yìn owó orí, tẹ́ ẹ wá kọ pé $3,300 lẹ ń ná, wọ́n á bi ara wọn pé níbo ni $800 tó kù ti ń wá. Tó bá jẹ́ gbèsè káàdì báńkì tàbí owó tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ àbúrò, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ìwé gbèsè náà sí i.

Pẹ̀lú N-400 ni kẹ́ ẹ fi I-912 ránṣẹ́ pọ̀, ẹ má fi tiẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ fọwọ́ sí méjèèjì. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, gbogbo ìwé yín ni wọ́n máa dá padà, kò sí pé èèyàn pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó tàbí pẹ̀lú ẹ̀rí tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sílé kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bóyá ọkọ yín ń gba nǹkan kan báyìí, ìyẹn ló máa sọ èwo nínú ẹ̀ lẹ máa mú.