Ìró ni kí o kọ́kọ́ gbọ́

"Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, wọ́n ní tí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, i máa ń ṣáájú e, àfi lẹ́yìn c. Kí ló wá dé tí science àti weird kò tẹ̀ lé òfin yìí?"

Ìdajì òfin náà ni wọ́n sọ fún ọ. Ìró "íì" nìkan ló wà fún. Pe receive síta: "íì" lo máa gbọ́ lẹ́yìn c, torí náà ei ni. Believe ní "íì," àmọ́ kò sí c níwájú rẹ̀, ie ni. Nínú science, "sáyẹ́ǹsì" là ń pè, kò sí "íì" níbẹ̀, òfin náà kò kàn án. Weird àti seize gan-an ni olórí kunkun: "íì" wà, kò sí c, síbẹ̀ ei ni. Àkọ́sórí nìyẹn. Èmi máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ "we" ná, kí wọ́n tó fi "ird" kún un.