Òkú mọ́tò di ti ta ni?

“Ẹ̀yin ará, adójútòfò ti gbà láti san gbogbo owó mọ́tò mi tó rún lọ́nà Kàbà. Wọ́n ní àwọn máa gbé òkú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn?”

Àbúrò mi, ẹ kú ewu. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Àdánù nìkan ni adójútòfò ń dí. Kò gbọdọ̀ sọ wá di ẹni tó jèrè nínú jàǹbá. Ká ní mọ́tò yín tó mílíọ̀nù 4 náírà kó tó rún, tí òkú rẹ̀ sì ṣì lè mú 900,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì tà. Tí ẹ bá gba mílíọ̀nù 4, tí ẹ tún ta òkú yẹn, mílíọ̀nù 4.9 ti wọlé lórí mọ́tò mílíọ̀nù 4. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé e nìyẹn.

Tí mẹkáníìkì yín ní Ìsánlú bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á yọ 900,000, wọ́n á san mílíọ̀nù 3.1. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ iye òkú náà, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti lè bù yín jẹ.

Títí owó yóò fi pé lọ́wọ́ yín, tiyín ṣì ni. Ẹ má tú bátìrì tàbí táyà kankan. Wọ́n á yọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e, ẹ gba ìwé pé ó ti kúrò lórúkọ yín. Torí ẹlòmíì lè tún un ṣe, kó máa gbé e rìn lórúkọ yín.