Èsì: Bí a ṣe ń dán awò pọ́láráìsì wò

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ra awò oòrùn ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní pọ́láráìsì ni, irú tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sójú láti ara omi tàbí títì. Awakọ̀ ni mí, àbúrò mi sì ń pẹja ní Ẹlẹ́yẹlé. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe dígí dúdú lásán?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kakulétọ̀ tí àwọn òǹtajà fi ń ṣírò owó ti tó fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ tan án, ẹ gbé awò náà síwájú rẹ̀, kí ẹ sì máa yí awò náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí sítíárìn: bó bá jẹ́ ojúlówó, yóò dé ibì kan tí ojú kakulétọ̀ náà yóò ṣókùnkùn, bí ẹ bá sì yí i kọjá ibẹ̀, nọ́ńbà yóò tún hàn. Dígí méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì, a jẹ́ pé wọ́n tò ó wọ́ sínú férémù. Dígí dúdú lásán kò ní yí padà rárá.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta láti ara omi tàbí títì ọlọ́dà máa ń gbọ̀n ní ìbú ju òòró lọ, ìyẹn gan-an ni awò yìí sì ń dí. Kí àbúrò yín wo omi tó jìnnà sí i díẹ̀, nítorí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní fi ìyàtọ̀ hàn, kí ó wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́: ìmọ́lẹ̀ tó ti rọlẹ̀ yóò tún máa ta á lójú.

Ní tiyín, ẹ má wọ̀ ọ́ wakọ̀ lálẹ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá kò pa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yín dé.