Èsì: Mẹ́mò lórí owó dísù tó kọjá ìṣúná

"Ìṣúná dísù ọ́fíìsì wa ní Yábà jẹ́ lítà 1,000 ní ₦1,000 fún lítà kan. A lo lítà 1,200 ní ₦1,150 fún lítà kan. Mo kọ 'dísù ti wọ́n', ọ̀gá dá mẹ́mò náà padà."

Ẹ kú iṣẹ́. Ìṣúná jẹ́ ₦1,000,000, ẹ ná ₦1,380,000. Ẹ pín ₦380,000 tó lé yẹn sí méjì, torí ọ̀wọ́n dísù nìkan kọ́ ló fà á. ₦150 tó gorí lítà kọ̀ọ̀kan, lọ́nà 1,200, jẹ́ ₦180,000. Lítà 200 tó lé, ní ₦1,000 ti ìṣúná, jẹ́ ₦200,000.

Èyí kejì ni ọ̀gá fẹ́ gbọ́ àlàyé rẹ̀, torí òun ló wà níkàáwọ́ yín. Ẹ yẹ ìwé jẹnẹrétọ̀ wò. Bí wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ bá pọ̀ sí i, àìsí iná ló fà á. Bí wákàtí kò bá yí padà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ àti táǹkì wò.

Àmọ́ o, 1,200 gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹ lò, kì í ṣe iye tí ẹ rà. Bí dísù bá ṣẹ́kù sínú táǹkì lópin oṣù, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ rà.

Àròpọ̀ ni kó wà ní ìlà àkọ́kọ́, kí ìdí méjèèjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ máa ṣe àti ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é.